Ìfilọ̀ táǹkì omi: bí ọ̀rọ̀ 194 ṣe di 91

Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé àjùmọ̀gbé kan fẹ́ fọ táǹkì omi tó wà lórí òrùlé. Akọ̀wé wọn kọ ìfilọ̀ tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn olùgbé. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n gbé e fún olóòtú pé kó bá wọn dín in kù, torí pé èyí tí wọ́n lẹ̀ ṣáájú gùn débi pé ọ̀pọ̀ olùgbé kò kà á dé ibi tí aago wà. Ohun tí akọ̀wé kọ nìyí:

> À ń lo àǹfààní yìí láti fi tó gbogbo ẹ̀yin olùgbé ilé yìí pátápátá létí pé, nítorí òtítọ́ náà pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti ṣe ìfọ̀mọ́ táǹkì omi gbẹ̀yìn, ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé ti ṣe ìpinnu láti ṣe ìfọ̀mọ́ táǹkì náà ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ lọ́nà, ọjọ́ 14 oṣù yìí. Pẹ̀lú ète láti lè ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tó yẹ, ó ṣe pàtàkì kí a jẹ́ kí ó di mímọ̀ fún yín pé omi kò ní sí nínú ilé ní àkókò tó wà láàrin aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Fún ìdí èyí, à ń rọ olúkúlùkù àti gbogbo olùgbé láti ṣe ìpèsè omi sílẹ̀ ṣáájú kí àkókò náà tó dé. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé òjò rọ̀ ní ọjọ́ náà, a lè tún sún iṣẹ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i sí ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tí omi bá ti tún padà dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ṣàn dànù fún ìwọ̀n àkókò ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó mu ún, nítorí ìdí pé ó ṣeé ṣe kí oògùn tí a fi fọ táǹkì lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀.

Gbólóhùn 5, ọ̀rọ̀ 194. Èdè rẹ̀ kò burú. Ẹni tó bá kà á dópin yóò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ọ̀rọ̀ 45 ló ṣáájú Sátidé, bẹ́ẹ̀ Sátidé gan-an ni olùgbé ń wá. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ kò ní kà á débẹ̀.

Olóòtú kò tíì gé ohunkóhun. Ó kọ́kọ́ mú ìwé mìíràn, ó kọ ohun tí olùgbé gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i ní ṣókí: ọjọ́ iṣẹ́, aago tí omi máa lọ àti aago tó máa dé, pé kí wọ́n pọn omi sílẹ̀, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí òjò bá rọ̀, ohun tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó mu omi tuntun. Márùn-ún péré ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gé láìkọ irú ìwé yìí máa ń fi etí gé ni: ohun tí kò bá dùn létí ló máa gé, ohun tí kò wúlò ṣùgbọ́n tó dùn létí á sì wà níbẹ̀. "À ń lo àǹfààní yìí" dùn létí gan-an. Nígbà tí a bá wá fi í wé ohun márùn-ún wọ̀nyí, a ó rí i pé kò sí èyí tó kàn nínú wọn.

Ibi ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láti "À ń lo" títí dé "létí pé", ọ̀rọ̀ 16 ni, gbogbo rẹ̀ kò sì ṣe ju kí ó kéde pé ìkéde ń bọ̀. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n kọ "Ìfilọ̀" gàdàgbà sí lórí, ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán. Ohun kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀rọ̀ 16 náà ni ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà olóòtú dá "Ẹ̀yin olùgbé ilé yìí" sí, ó sì yọ ìyókù. "Gbogbo" àti "pátápátá" bá a lọ. "Ẹ̀yin olùgbé ilé yìí" kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irú rẹ̀ tún wà nínú gbólóhùn kejì: "ó ṣe pàtàkì kí a jẹ́ kí ó di mímọ̀ fún yín pé", ọ̀rọ̀ 13. Tí a bá yọ ọ́, "omi kò ní sí" dúró gbọn-in fúnra rẹ̀. "Ó ṣe pàtàkì" lè wúlò nínú ìwé tí ohun pàtàkì àti ohun tí kò ṣe pàtàkì bá jọ wà, tí a sì fẹ́ kí òǹkàwé dá wọn mọ̀. Nínú ìfilọ̀ oní-gbólóhùn márùn-ún, kò yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn àpólà tó ń sọ ìdí ló gba ìrònú jù. Méjì ni wọ́n níbí, wọn kò sì jọ ara wọn bí wọ́n ṣe farahàn.

Èkíní ni "nítorí òtítọ́ náà pé". "Nítorí pé" tàbí "torí" nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bá ìgbìmọ̀ jiyàn bóyá òtítọ́ ni tàbí irọ́. Ká ní àríyànjiyàn wà, tí àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti fọ táǹkì náà, "òtítọ́" ì bá ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Olóòtú wá kọ ọ́ báyìí: "Torí ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a fọ táǹkì gbẹ̀yìn." Ìgbà tí ìdí náà wá dúró láìní agbádá lọ́rùn ni àìlera rẹ̀ hàn. "Ó ti pẹ́ díẹ̀" tó ìgbà wo? Ó bi akọ̀wé; akọ̀wé kò ní ọjọ́ kan pàtó tó lè tọ́ka sí. Olùgbé tó bá ka "ó ti pẹ́ díẹ̀" kò ní ronú pé ìgbìmọ̀ ń ṣe dáadáa. Á béèrè pé omi wo la ti ń mu láti ọjọ́ yìí. Bí ìdí ṣe bá àpólà rẹ̀ jáde nìyẹn. Bí akọ̀wé bá ní déètì, gbólóhùn kúkúrú bíi "Oṣù 6 nìyí tí a fọ̀ ọ́ kẹ́yìn" ì bá yẹ kó wà níbẹ̀. Àpólà gígùn máa ń bo ìdí tí kò lágbára mọ́lẹ̀, ìdí nìyí tó fi dáa ká kọ́kọ́ sọ àpólà di kúkúrú, ká tó pinnu bóyá ìdí náà yóò dúró. Ẹni tó bá gé méjèèjì pọ̀ lójú kan náà kò ní mọ èyí tó sọnù.

Èkejì ni "nítorí ìdí pé", nínú gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Ìdí ni "nítorí" ń sọ, kò yẹ kí "ìdí" tún wọlé tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e níbí ṣe pàtàkì ní tòótọ́. Ẹni tí a bá ní kó da omi ìṣẹ́jú márùn-ún nù, lẹ́yìn tí omi kò sí láti àárọ̀, kò ní ṣe é bí kò bá mọ ìdí. Nítorí náà ìdí dúró, "torí" kan ṣoṣo ló sì gbé e. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì ni pé ìdí èkejì ń yí ohun tí olùgbé máa ṣe padà, ti èkíní kò yí nǹkan kan padà.

"Fún ìdí èyí" tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kẹta náà jáde. Omi kò ní sí. Ẹ pọn omi sílẹ̀. Tí gbólóhùn méjì bá tẹ̀lé ara wọn báyìí, òǹkàwé á so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀.

Bí a bá dé ọ̀rọ̀ ète, èyí tí akọ̀wé kọ ni "Pẹ̀lú ète láti lè ṣe iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tó yẹ". Gbogbo ọ̀rọ̀ 11 náà ló lọ, torí kò sí ìgbìmọ̀ tó máa fọ táǹkì ní ọ̀nà tí kò yẹ, kó sì fi ìwé sọ ọ́. Àmọ́ ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí irú àpólà yìí pọ̀ nínú ìwé ìjọba àti ti iléeṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gé àgékọjá. "Pẹ̀lú ète láti lè", "fún ìdí àti lè", "kí a lè baà lè": gbogbo wọn ló ní ọ̀rọ̀ kúkúrú kan lábẹ́. Bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà bá ni ète, "láti" tó: "A óò ti omi pa láti fọ táǹkì." Bí ẹni mìíràn bá ni yóò ṣe ohun tí a ń lé, "láti" kò lè gbé e, "kí" àti "lè" la nílò: "A óò ti omi pa kí àwọn òṣìṣẹ́ lè wọ inú táǹkì." Nínú gbólóhùn kejì yìí, "lè" kì í ṣe àfikún lásán. Ẹ yọ ọ́ wò: "A óò ti omi pa kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ inú táǹkì" ti fẹ́ dà bí àṣẹ tí wọ́n ń pa fún àwọn òṣìṣẹ́, kì í ṣe ìdí tí omi fi máa lọ. "Baà" la lè yọ láìsí ewu. "Kí a lè" ti sọ gbogbo ohun tí "kí a baà lè" sọ, àyàfi bí a bá ń fẹ́ ohùn tó rinlẹ̀.

Irú àfikún lásán mìíràn tún wà tí ojú kì í tètè rí, torí kò sí àpólà kan pàtó tí a lè tọ́ka sí. Akọ̀wé mú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, ó wá ní láti fi "ṣe" ru ú: ṣe ìfọ̀mọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣe ìpinnu, ṣe ìpèsè. Ìgbà mẹ́rin nínú gbólóhùn mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra ló bani nínú jẹ́ jù: "ti ṣe ìpinnu láti ṣe ìfọ̀mọ́ táǹkì". Olóòtú kọ́kọ́ dá wọn padà sí ọ̀rọ̀-ìṣe: "ti pinnu láti fọ táǹkì". Lẹ́yìn náà ló wá béèrè bóyá olùgbé nílò ìpinnu náà rárá. Wọn kì í fi iṣẹ́ tí wọn kò pinnu ṣe sínú ìfilọ̀. Ó di "a óò fọ táǹkì omi". "Ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé" tó ti jẹ́ olùwà gbólóhùn náà bọ́ sísàlẹ̀ ìwé, níbi tí orúkọ ẹni tó kọ̀wé ń gbé. "Ṣe ìpèsè omi sílẹ̀" di "pọn omi sílẹ̀", èyí tó tún sàn jù torí pé ojú rí i: èèyàn mọ bí wọ́n ti ń pọn omi, kò sí ẹni tó ń sọ nílé pé òun fẹ́ lọ ṣe ìpèsè omi.

Kì í ṣe gbogbo "ṣe" tó bá ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ ni a lè tú báyìí o. Àwọn tó ṣe ìpàdé jókòó sọ̀rọ̀. Àwọn tó pàdé lè kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà. Ṣe ìgbéyàwó jẹ́ ayẹyẹ, gbé ìyàwó kò dúró lórí ayẹyẹ. Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ká fi ọ̀rọ̀-ìṣe rọ́pò, ká ka gbólóhùn náà sókè, ká sì wò ó bóyá ohun kan náà ló ṣì ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. "Fọ táǹkì" àti "ṣe ìfọ̀mọ́ táǹkì" kò yàtọ̀.

Àwítúnwí ló kù, wọ́n sì pọ̀. "Olúkúlùkù àti gbogbo olùgbé" jẹ́ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. "Ṣáájú kí àkókò náà tó dé" ní "ṣáájú" àti "kí… tó" tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà. "Kó tó di aago 8" rọ́pò gbogbo rẹ̀, ó sì fi aago gidi sípò "àkókò náà". "Ìwọ̀n àkókò ìṣẹ́jú 5": àkókò ni ìṣẹ́jú, ìwọ̀n rẹ̀ sì ni 5. "Omi àkọ́kọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde": àkọ́kọ́ méjì. "Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé òjò rọ̀" ni "bí òjò bá rọ̀". "Ọjọ́ Sátidé": ọjọ́ ni Sátidé. A lè gé wọn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èyí tó wà nínú gbólóhùn kẹrin ni kò yẹ kí a gbójú fò. "A lè tún sún iṣẹ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀kan sí i." "Tún" àti "lẹ́ẹ̀kan sí i" jọ ń sọ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Wọn kò tíì sún iṣẹ́ yìí rárá. Akọ̀wé fi wọ́n síbẹ̀ kí gbólóhùn lè kún ni, ṣùgbọ́n olùgbé tó bá kà á á rò pé wọ́n ti yẹ ọjọ́ náà nígbà kan tí òun kò gbọ́. Àfikún lásán kì í sábà dúró lásán. Méjèèjì jáde, "síwájú" náà sì tẹ̀ lé wọn, torí "sún sí Sátidé tó tẹ̀lé e" ti fi ibi tí iṣẹ́ ń lọ hàn.

"Lè" tó wà nínú gbólóhùn yẹn ńkọ́? Ẹni tó ń gé lọ́wọ́ máa ń fẹ́ yọ gbogbo "lè", "bóyá" àti "ó ṣeé ṣe", pé ọ̀rọ̀ ojo ni wọ́n. Olóòtú bi akọ̀wé pé: bí òjò bá rọ̀, ṣé dandan ni kí ẹ sún iṣẹ́ náà? Ó ní rárá, òjò wẹliwẹli kò dí wọn lọ́wọ́, òjò ńlá nìkan ni. Nígbà náà òtítọ́ ni "a lè sún" ń sọ, "a óò sún" á sì purọ́. Ó dúró. Nínú gbólóhùn karùn-ún, "ó ṣeé ṣe kí oògùn… lè ṣẹ́ kù" ní iyèméjì méjì fún ohun kan; ọ̀kan kúrò, "oògùn… lè ṣẹ́ kù" dúró. Òfin ibẹ̀ kò ju pé kí iyèméjì kan ní àmì kan, kí a sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kí a tó yọ èyí tó gbẹ̀yìn.

Ohun kan wà tó jọ àwítúnwí tí olóòtú kò fọwọ́ kàn: "Sátidé, ọjọ́ 14". Ẹni tó ní kàlẹ́ńdà lè fi ọ̀kan wá èkejì. Àmọ́ bí akọ̀wé bá ṣi ọ̀kan kọ, èkejì ló máa tú àṣírí rẹ̀, ẹni tó ń rántí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àti ẹni tó ń rántí déètì sì ń gbé ilé kan náà. "Tó ń bọ̀ lọ́nà" ni kò sí fún ẹnikẹ́ni. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tí ẹnì kan wá kà lọ́jọ́ Sátidé gan-an, Sátidé wo ló ń bọ̀ nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ gba òye tirẹ̀. "À ń rọ" àti "ẹ jọ̀wọ́" wà nínú ìfilọ̀ náà, "ẹ" ọlọ́wọ̀ sì wà káàkiri. Bí a bá yọ gbogbo ẹ̀bẹ̀, ohun tó kù á dún bí ìgbà tí wọ́n ń rán ọmọdé níṣẹ́, àgbàlagbà tó bá kà á á sì ní ìgbìmọ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá dá gbogbo rẹ̀ sí, ẹ̀bẹ̀ kò ní ìwúwo mọ́. Olóòtú fi "Ẹ jọ̀wọ́" kan ṣoṣo sílẹ̀, ó sì gbé e kúrò níbi tí akọ̀wé fi í sí lọ sí ibi tí wàhálà ti pọ̀ jù fún olùgbé, ìyẹn pípọn omi.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọwọ́ rẹ̀ tún fi ọ̀rọ̀ kún ibì kan. Akọ̀wé kọ "láàrin aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́". "Láàrin" lè túmọ̀ sí ìgbà kan ṣáá nínú wákàtí mẹ́jọ náà, bí ìgbà tí èèyàn sọ pé òun ń bọ̀ láàrin aago méjì sí mẹ́ta. Ohun tí ìgbìmọ̀ ní lọ́kàn ni pé omi kò ní sí rárá ní gbogbo wákàtí náà. "Láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́" kò fi àyè sílẹ̀ fún ìtumọ̀ kejì, ó sì fẹ̀ ju ti "láàrin" lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan.

Olóòtú wá gbé ìwé náà fún ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́ rí, ó ní kó kà á lẹ́ẹ̀kan, kó dá a padà, kó sì dáhùn ìbéèrè márùn-ún tó bá ohun márùn-ún tó kọ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ mu. Ẹni náà dáhùn mẹ́rin pérépéré. Lórí ti ìṣẹ́jú 5, ó ní òun á ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, omi á ṣàn fún ìṣẹ́jú 5, ó tán. Bẹ́ẹ̀ omi tó dúró nínú páìpù tó lọ sí balùwẹ̀ kò gba ti ilé ìdáná jáde. Nígbà gígé, "lẹ́nu ẹ̀rọ" ti bá "omi àkọ́kọ́ tó bá kọ́kọ́ jáde" lọ, torí ó dà bíi pé kò síbi mìíràn tí omi ti lè ṣàn. Ká sòótọ́, ti akọ̀wé pàápàá kò sọ pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni. Àfo náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ló bò ó. "Lẹ́nu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan" wọlé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Bí ìfilọ̀ náà ṣe jáde nìyí:

> Ẹ̀yin olùgbé ilé yìí, a óò fọ táǹkì omi ní Sátidé, ọjọ́ 14 oṣù yìí. Omi kò ní sí láti aago 8 àárọ̀ títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pọn omi sílẹ̀ kó tó di aago 8. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, a lè sún iṣẹ́ náà sí Sátidé tó tẹ̀lé e. Nígbà tí omi bá dé, ẹ jẹ́ kó ṣàn dànù lẹ́nu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó mu ún, torí oògùn tí a fi fọ táǹkì lè ṣẹ́ kù sínú rẹ̀.
>
> Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Ilé

Ọ̀rọ̀ 91, pẹ̀lú orúkọ tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ 10 péré ló ṣáájú Sátidé báyìí.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú irú iye yìí. Kọ̀ǹpútà ń ka ọ̀rọ̀ láti àlàfo dé àlàfo, bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, a lè kọ "ní ọjọ́" tàbí "lọ́jọ́", "kí ó" tàbí "kó". Ẹni tó bá kàn pa gbogbo irú wọn pọ̀ lè fi iye hàn pé òun ti gé ìwé kúrú, láìjẹ́ pé òǹkàwé bọ́ lọ́wọ́ ohunkóhun. Nínú ìfilọ̀ yìí, "kó" méjì àti "lọ́jọ́" kan ló wà. Bí a bá tú wọn, 91 á di 94. Ọ̀rọ̀ 100 tó kù tó jáde jẹ́ gígé gidi. Ọ̀nà tó dájú jù ni kí a ka méjèèjì sókè, kí a sì wo aago, torí ẹnu kì í ka àlàfo.

Wíwá àwọn àpólà yìí nínú ìwé gígùn pẹ̀lú Ctrl+F náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Lẹ́tà tó ní àmì, bíi "ọ́", lè jẹ́ ìṣùpọ̀ oríṣiríṣi nínú kọ̀ǹpútà: ẹnì kan tẹ "ọ" ó fi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn tẹ "o", ó fi àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú, wọn kò yàtọ̀. Àwọn ètò ìkọ̀wé kan á kà wọ́n sí ọ̀tọ̀, wọ́n á sì ní "òtítọ́ náà pé" kò sí nínú ìwé tó kún fún un. Ẹ da àpólà náà kọ láti inú ìwé tí ẹ ń ṣe gan-an, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí ìwárí. Bí ìwé náà bá ti ọwọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta wá, ẹ da ọ̀kan kọ láti apá ti oníkálukú. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ọ̀kan rọ́pò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí a rí lórí "lè" ti tó láti fi hàn pé àpólà kan náà lè wúlò níbì kan, kó má wúlò níbòmíràn.

Ká ní wọ́n fẹ́ fi gbohùngbohùn ka ìfilọ̀ yìí ni, ọjọ́ àti aago ì bá wọlé lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹni tó ń gbọ́ kò lè padà sókè lọ wò ó. Àwítúnwí tó ń bá etí ṣiṣẹ́ nìyẹn. "Nítorí òtítọ́ náà pé" kò ní ìwúlò níbẹ̀ pẹ̀lú.

Bí òjò ńlá bá wá rọ̀ ní Sátidé náà, ìfilọ̀ kejì gbọ́dọ̀ jáde, ibẹ̀ sì ni "nítorí" kúkúrú ti lè dá wàhálà sílẹ̀. "A kò fọ táǹkì nítorí òjò" ní ìtumọ̀ méjì: pé òjò ni kò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, tàbí pé wọ́n fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òjò ló fà á. Àwọn kan á sáré padà sí "nítorí ìdí pé òjò rọ̀" láti tú u, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó kúrú jù ni kí a gbé ìdí ṣáájú, ká sì fi "ni" tọ́ka sí i:

> Ẹ̀yin olùgbé ilé yìí, òjò ni kò jẹ́ kí a fọ táǹkì ní Sátidé. Ọjọ́ 21 la óò fọ̀ ọ́. Aago tí omi máa lọ àti èyí tó máa dé kò yí padà: aago 8 àárọ̀ títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́.

"Kò yí padà" nìkan ì bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí ìfilọ̀ àkọ́kọ́ kò ní mọ ohun tí kò yí padà.